Bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀rọ AI tó ń yàwòrán ya inú ilé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ gbé síwájú ìnfẹ́sítọ̀: àpẹẹrẹ kan láti Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mi ṣáá: "Mo ní ilẹ̀ létí ọ̀sà, mo fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ìnfẹ́sítọ̀ ní kí n mú nǹkan tóun lè fojú rí wá, akitẹ́ẹ̀tì ò sì tíì ya nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí Midjourney tàbí ChatGPT ya inú ilé náà tí ò ní jọ ti Dùbáì?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ilé kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀: ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà, àga 48. Tó bá jẹ́ lọ́bì ni tiyín, tàbí Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì ni ilẹ̀ yín wà, ọ̀nà kan náà ni, ibi tí omi wà àti ibi tí oòrùn ń gbà wọlé nìkan ló máa yí padà.

Nígbàkígbà tí mo bá sọ pé ẹ̀rọ, Midjourney, ChatGPT, Gemini àti irú wọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ yàwòrán ni mò ń wí. Tí mo bá sì pe nǹkan ní pírọ́ńtù, ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ fún ẹ̀rọ náà ni.

## Kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ rárá

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á tẹ "luxury African hotel restaurant", ẹ̀rọ á wá gbé àwòrán kan jáde tí àjà rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà wà nílẹ̀, tí omi tó wà níta sì mọ́ gaara bíi ti erékùṣù àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ó rẹwà, kò sírọ́. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìláìdì. Sìláìdì méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìwé iye owó á ní ilé oúnjẹ náà ò ju 80 sikúéà mítà lọ. Ìnfẹ́sítọ̀ tó ti kọ́lé rí á padà sẹ́yìn, á ka tábìlì inú àwòrán, á wo àjà, á wá béèrè pé èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa dùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Torí náà, bébà àti bírò ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún yìí sílẹ̀, kó sì bá ohun tó wà nínú ìwé owó yín mu:

1. Iye àga. Tiwa jẹ́ 48, ìyẹn tábìlì 12, àga mẹ́rin mẹ́rin.
2. Ìwọ̀n ilẹ̀ inú ilé. Fún ilé oúnjẹ tí èèyàn ń jókòó jẹun, à ń fún àga kan ní nǹkan bíi 1.5 sí 1.7 sikúéà mítà, ọ̀nà tí agbóúnjẹ ń gbà kọjá ti wà nínú ẹ̀. Àga 48 á gba bíi 77, ẹ jẹ́ ká pè é ní 80. Kíṣìnì ò sí nínú ìyẹn o.
3. Gíga àjà. 3.2 mítà, torí yàrá òtẹ́ẹ̀lì wà lókè ẹ̀.
4. Ibi tí gíláàsì kọjú sí. Gúúsù ni ọ̀sà wà sí ìlú Ẹ̀pẹ́, nítorí náà gúúsù ni ojú ilé oúnjẹ yìí kọ sí.
5. Irú fìnìṣín tí owó yín ká. Tiwa jẹ́ ti àárín: igi gidi lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kò sí mábù tó wá láti òkè òkun.

Ìkẹrin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun gan-an ló sì ń tú àṣírí àwòrán. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn, a máa padà sí i.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ "bó ṣe máa rí lára" di ohun tí ojú ń rí

Alhaja tó ni ilẹ̀ tá a fi ń ṣe àpẹẹrẹ yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ọmọ mi, mo kàn fẹ́ kó gbayì ni." Mo ní, "Ẹ mà ṣeun mà, ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ kó gbayì lójú ẹ̀?" Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń ti Èkó àti Lẹ́kì bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá ra ẹja ni, tí wọ́n tún máa ń kó ọmọ dání, "wọn ò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n máa rò ó pé ṣé ibí yìí ò ní kọjá agbára wa báyìí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó tán, kó má wù wọ́n láti dìde."

Ìyẹn gan-an là ń wá. "Gbayì" ò wúlò fún ẹ̀rọ, "luxury" náà ò wúlò, torí gbogbo àwòrán òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ló ń jẹ́ luxury, wúrà àti iná ńlá aláràbarà ló máa gbé fún yín. Ọ̀rọ̀ Alhaja la máa tú palẹ̀:

- "Kó má wù wọ́n láti dìde": iná tó rẹlẹ̀ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kọ̀rọ̀ ilé tó ṣókùnkùn díẹ̀, àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì.
- "Kó má dẹ́rù bà wọ́n": àjà tí ò ga jù, ohun èlò tí wọ́n mọ̀, kò sí nǹkan tó ń dán yanran.
- "Wọ́n kó ọmọ dání": àlàfo tó fẹ̀ láàárín tábìlì, ilẹ̀ tó ṣeé nù.

Ẹ rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára kankan níbẹ̀ mọ́? Ibi tí iná wà, bí àjà ṣe ga tó, bí tábìlì ṣe jìnnà síra wọn, nǹkan mẹ́ta yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tá à ń pè ní bí ilé ṣe rí lára. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára kan ṣoṣo kún un níkẹyìn, "calm" tàbí "lively", kó má ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá kó mẹ́rin jọ, cozy, grand, modern, traditional, àárín gbogbo wọn ni ẹ̀rọ á dúró sí, ibẹ̀ sì rèé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ohun èlò mẹ́ta, kí oníkálukú mọ ibi tó wà

Mẹ́ta tó. Àwọn tó ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní òfin kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé, 60, 30, 10: ohun kan á gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú rí, èkejì á gba bí ìdajì ìyẹn, ìkẹta á kàn fara hàn níbi díẹ̀. Tiwa rèé:

Ilẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù, tẹràsò ni, irú èyí tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ l'Ékòó tí bàbá wa kọ́, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n wá lọ̀ ọ́. Èkejì ni igi ìrókò lórí tábìlì àti àga. Ìkẹta ni iná tó ń rọ̀ sókè tábìlì, èyí tí mo fẹ́ràn jù, a fi ìrísí ìgèrè ṣe é, ìgèrè tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja.

Ó ku bá a ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ò mọ ìgèrè. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìgèrè, ohun tó bá wù ú ló máa yà. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ "fish trap lamp" lásán, ó lè gbé àgò onírin tàbí ẹja gan-an kọ́ sókè. Ìrísí ẹ̀ lẹ máa sọ: ó gùn, ó fẹ̀ nísàlẹ̀ ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ún, ihò wà láàárín wọn tí iná á máa gbà jáde. Gbogbo ohun ìbílẹ̀ wa pátá ló rí bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ẹní, ìbáà ṣe àdìrẹ tàbí ìkòkò: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ, ẹ sọ bó ṣe rí.

Èkejì, ẹ sọ bí ojú ohun èlò náà ṣe rí, ṣé ó ń dán ni àbí kò dán. Tẹ́ ẹ bá ní "wood" lásán, ó máa dán bíi pé wọ́n da fánííṣì lé e lórí láàárọ̀ yìí. Ẹ ní "oiled, matte". Tẹ́ ẹ bá ní "terrazzo" lásán, òkúta ńláńlá aláwọ̀ pupa àti òféfèé tó wà lóde báyìí ló máa gbé wá. Ẹ ní kó jẹ́ òkúta kéékèèké, àwọ̀ kíríìmù àti eérú.

Ìkẹta, ẹ so ohun èlò kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó wà, kí gbólóhùn ẹ̀ dá dúró. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pọ̀ pé "terrazzo, iroko, woven cane", ohun tí ẹ máa rí ni pé tẹràsò ti gun orí tábìlì, igi ti gorí ògiri, àga ti di híhun. Ẹ̀rọ náà kì í so ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn bí èèyàn ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ tó wà nítòsí ara wọn máa ń ràn mọ́ra wọn ni. Tí ẹ bá ti rí ohun èlò kan níbi tẹ́ ẹ ò sọ, ẹ mọ̀ pé gbólóhùn yín ló há mọ́ra jù.

Ẹ má tẹ "African" o. Ẹ má tẹ "Nigerian" náà. Mo mọ̀ pé ó ń wu èèyàn láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ máa rò pé ọgbà ẹranko Kẹ́ńyà lẹ̀ ń sọ, á da koríko lé òrùlé, á gbé ìbòjú igi kọ́ ògiri, á fi ańkárá bo gbogbo àga. Ohun èlò yín àti omi yín ló máa sọ pé Ẹ̀pẹ́ ni.

## Ìgbésẹ̀ 3: Aago mélòó, oòrùn sì wà níbo?

Fọ́tò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ẹ̀rọ yìí fi kọ́ṣẹ́, níbi tí oòrùn ti máa ń rẹlẹ̀ tó sì máa ń pẹ́ kó tó wọ̀. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín oòrùn ń dé àárín orí lọ́sàn-án, tó bá sì fẹ́ wọ̀, kíákíá ni. Jálẹ̀ ọdún, àárín aago 6:20 sí 7:10 ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọ̀ lágbègbè Èkó, tó bá sì ti wọ̀ tán, bíi 20 sí 25 ìṣẹ́jú lo ní kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí ilé wa tó kọjú sí gúúsù. Gíláàsì ẹ̀ ga 2.6 mítà, òrùlé tó bò ó sì yọ síta 1.5 mítà. Oṣù Kejìlá ni oòrùn ọ̀sán máa ń rẹlẹ̀ jù lápá gúúsù, síbẹ̀ náà ó ṣì wà lókè dáadáa, bíi 60 dígírì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, òjìji òrùlé yẹn á bo nǹkan bíi 2.6 mítà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn gbogbo gíláàsì pátá. Láwọn oṣù yòókù, oòrùn ọ̀sán á tún ga ju ìyẹn lọ, tàbí kó bọ́ sápá àríwá, lẹ́yìn ilé. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé oòrùn ọ̀sán ò lè tàn wọ inú ilé oúnjẹ yìí láéláé. Tí ẹ̀rọ bá ya ọ̀sán gangan tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wá nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ dé ìdí ògiri ẹ̀yìn, irọ́ ni. Ìnfẹ́sítọ̀ lè má mọ ìṣirò yìí o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ mọ̀ pé ibi tí oòrùn bá ti ń wọlé báyìí, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ò ní sinmi, á sì béèrè.

Ìgbà wo wá ni ká yà? Mo máa ń sọ pé tí ilé oúnjẹ bá wà létí omi, ìrọ̀lẹ́ ni, kété tí oòrùn bá wọ̀ tán. Ìdí ẹ̀ rèé. Lọ́sàn-án, iná inú ilé ò ní hàn, ìgèrè wa á kàn rọ̀ síbẹ̀ lásán ni. Tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú pátápátá, gíláàsì á di dígí, èèyàn ò ní rí ọ̀sà mọ́, ara ẹ̀ àti iná ni yóò máa rí nínú ẹ̀. (Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn, ó máa ya omi aláwọ̀ búlúù tí òṣùpá ń tàn sí, ẹ má gbà.) Àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ni omi ṣì hàn níta tí iná sì ti ń tàn nínú, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tà ló wà nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí oòrùn fúnra ẹ̀ hàn, ẹ ní kó jẹ́ oṣù Kejìlá ní nǹkan bí aago 5:30. Nígbà yẹn ó ti ya sí apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, á lè fẹ̀gbẹ́ wọlé. Tẹ́ ẹ bá dúró nínú ilé tẹ́ ẹ kọjú sí omi, ọwọ́ ọ̀tún yín ló máa ti wá, òjìji àga á sì lọ sápá òsì. Tí òjìji bá lọ síbòmíì, ẹ dá a padà fún ẹ̀rọ. Ní oṣù Kẹfà sí Keje, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti bọ́ sápá àríwá, kò kan gíláàsì yẹn rárá.

Fún lọ́bì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àárọ̀ ló dára fún un, aago 8, ojú ọjọ́ tí kùùkuu bò díẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́ bẹẹrẹ ló ń jẹ́ kí ohun èlò ilẹ̀ àti ti tábìlì olùgbàlejò hàn bó ṣe rí gan-an.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kó o jọ

Yorùbá la fi ronú, Òyìnbó la máa fi tẹ̀ ẹ́, torí òun ni ẹ̀rọ wọ̀nyí gbọ́ jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí ilé náà jẹ́ ló ṣáájú, ìmọ́lẹ̀ sì wà lápá ìparí.

```
Interior of a small lagoon-side hotel restaurant, low flat ceiling,
eye-level view toward a south-facing glass wall under a deep roof overhang.
Floor: pale matte terrazzo, small cream and grey chips.
Tables: square, oiled matte iroko, four chairs each, wide gaps between.
Lamps: long open-weave cane cones, one hanging low over each table.
Outside: wide calm grey-green lagoon, low far shore, two wooden canoes.
Just after sunset, blue sky, warm lamps lit, dim corners. Calm.
Realistic architectural photograph, straight vertical lines.
```

Tó bá jẹ́ Midjourney lẹ̀ ń lò, ẹ fi èyí sí ìparí ẹ̀:

```
--ar 16:9 --style raw --no people, text
```

`--ar 16:9` ni kí àwòrán lè kún ojú sìláìdì. `--style raw` ń dín àfikún ẹwà tí ẹ̀rọ máa ń dá ṣe fúnra ẹ̀ kù. `--no` ni ẹ fi ń yọ ohun tí ẹ ò fẹ́, ẹ má kọ "no people" sáàárín gbólóhùn, torí pé ẹ̀rọ rí "people" níbẹ̀, ó sì lè yà wọ́n síbẹ̀. Nínú ChatGPT tàbí Gemini, àmì wọ̀nyí ò ṣiṣẹ́, ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu pé kó fẹ̀ bíi sìláìdì 16:9 àti pé kí yàrá náà ṣófo.

Nǹkan méjì tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Mi ò tẹ 48 àti 12 sínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n kà dáadáa tí nǹkan bá ti pọ̀, tẹ́ ẹ bá sì béèrè tábìlì 12 ó máa rọ́ wọn mọ́ra wọn dé ìgbẹ̀yìn bíi gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Kámẹ́rà tó dúró ní kọ̀rọ̀ kan ò lè rí gbogbo ilé oúnjẹ tán náà, tábìlì márùn-ún sí méje tó hàn dáadáa ti tó. Èkejì ni omi yẹn. "Lagoon" lásán á mú omi búlúù tó mọ́ lóló wá, ẹni tó bá sì ti dúró ní Ọjà Olúwo, ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, rí mọ̀ pé omi Ẹ̀pẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ní àwọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ igi méjì á sọ ìyókù.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún un ṣe, ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Àwòrán àkọ́kọ́ kì í sábà pé. Ẹ má tìtorí ìyẹn da gbogbo pírọ́ńtù nù. Ẹ wo ohun kan tó burú jù, ẹ yí gbólóhùn ohun yẹn nìkan, kí ẹ tún un yà. Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá dáa ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é, tó bá burú náà ẹ ò ní mọ̀.

Àwọn ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ nínú irú àwòrán yìí:

- Àjà ga jù. Ilẹ̀kùn lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀kùn lásán jẹ́ 2.1 mítà, nítorí náà àjà 3.2 mítà ò gbọdọ̀ ju ilẹ̀kùn kan ààbọ̀ lọ. Tí ilẹ̀kùn méjì bá gun ara wọn tí àyè ṣì kù, ẹ̀rọ ti kọ́ ilé míì fún yín. Ẹ fi "ceiling no higher than one and a half times the door" sí i, torí tẹ́ ẹ bá tẹ mítà fún un, kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.
- Iná tó ń rọ̀ ò sí lókè tábìlì, ojú ọ̀nà ló wà, orí agbóúnjẹ ló máa gbá.
- Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ inú ilẹ̀, àtẹ̀gùn tó gòkè tí ò dé ibì kankan.
- Ohun tó hàn nínú gíláàsì ò bá ohun tó wà nínú ilé mu: iná mẹ́rin nínú, mẹ́sàn-án nínú gíláàsì.

Fún àwọn kéékèèké bíi ẹsẹ̀ àga, ẹ má tún gbogbo ẹ̀ yà. Midjourney ní ibi tí wọ́n ń pè ní `Editor`, ẹ máa fi ọwọ́ pa ibi tó burú rẹ́, kó tún ibẹ̀ nìkan yà. Nínú ChatGPT àti Gemini, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó yí àti ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Bí ẹ ṣe máa gba àwòrán kejì fún yàrá kan náà nìyí. Ìnfẹ́sítọ̀ máa ń fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí láàárọ̀, torí ibẹ̀ náà ni àlejò òtẹ́ẹ̀lì ti máa jẹun àárọ̀. Ẹ má kọ pírọ́ńtù tuntun, yàrá míì ló máa fún yín. Ẹ gbé àwòrán ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ti fọwọ́ sí padà sínú ẹ̀rọ, kí ẹ sì tẹ:

```
Same room, same camera, same furniture and materials.
Change only the light: 8 a.m., lamps off, soft cloudy daylight.
```

Lẹ́yìn náà ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka tábìlì, ẹ ka iná, ẹ wo ibi tí òpó gíláàsì wà. Ẹ̀rọ kan lè tún gbogbo àwòrán yà lábẹ́lẹ̀, kó fi ọgbọ́n pa ìyàtọ̀ mọ́, ẹ máa rò pé kan náà ni, ìgbà tí ìnfẹ́sítọ̀ bá sún un sún un lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá lẹ ó wá rí i pé àga ti yí padà.

## Tí ọ̀nà yìí ò bá bọ́ sí i fún yín

Tí ilé bá ti dé ìpele búlọ́ọ̀kù, ọ̀nà tó dáa jù ni kí ẹ ya fọ́tò inú ilé náà pẹ̀lú fóònù, láti kọ̀rọ̀, kí fóònù wà ní gíga àyà, kó dúró gbọn-in, kí ẹ má lo kámẹ́rà tó ń fẹ ilé lójú. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ, kí ẹ ní kó fi ohun èlò yín parí yàrá yìí láì sún ògiri àti wíńdò. Gíga, ìwọ̀n àti ibi tí oòrùn wà á ti wà nínú fọ́tò, ìdajì iṣẹ́ ti kúrò lọ́rùn yín. Àwòrán tí akitẹ́ẹ̀tì fi ọwọ́ yà lórí bébà náà ń ṣiṣẹ́ báyìí, kó ṣáà ti jẹ́ pé ìlà ẹ̀ hàn.

Tí dátà bá ń yọ yín lẹ́nu tàbí ẹ ò fẹ́ sanwó, ChatGPT àti Gemini ní àyè ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ lóòjọ́. Ẹ kọ pírọ́ńtù yín tán sínú ìwé àkọsílẹ̀ fóònù kí ẹ tó wọlé, kó má baà jẹ́ pé inú ẹ̀rọ lẹ ti ń ronú tí àyè ọ̀fẹ́ sì ń tán lọ.

## Kó tó wọ sìláìdì

Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹlòmíì tí kò bá yín ṣe é náà bá yín wò ó:

- Ṣé tábìlì àti àlàfo inú àwòrán lè wọ 80 sikúéà mítà?
- Ṣé àjà ò ju ilẹ̀kùn kan ààbọ̀ lọ?
- Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń ti ibi tó yẹ wá?
- Ṣé gbogbo ohun èlò tó hàn ló wà nínú ìwé owó? Tí ìrókò bá wà nínú àwòrán tí pílíwúùdù wá wà nínú ìwé, ẹ tún ọ̀kan ṣe.
- Ṣé kò sí orúkọ tàbí lẹ́tà rádaràda lára ògiri àti ìwé oúnjẹ?

Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ kó hàn ketekete: "Àwòrán àbá, ẹ̀rọ ló yà á, kì í ṣe àwòrán ìkọ́lé." Àwọn kan ń sọ fún mi pé ìyẹn á sọ iṣẹ́ wọn di yẹpẹrẹ. Mi ò gbà. Ìnfẹ́sítọ̀ fẹ́ mọ ohun tóun ń wò ni, tó bá sì wá mọ̀ lẹ́yìn tó ti tọwọ́ bọ̀wé, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé níwájú lọ́yà.

Ìbéèrè tó tún máa ń tẹ̀ lé e ni pé ṣé wọ́n lè fi àwòrán yìí ránṣẹ́ sí kápẹ́ńtà lórí Wasáàpù kó máa ṣe àga lọ. Rárá o. Kò sí ìwọ̀n kankan nínú ẹ̀, àga tí ẹ rí níbẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ ò mọ bí igi ṣe ń wọnú igi, ó lè jẹ́ pé kò lè dá dúró tí wọ́n bá kàn án. Ẹ fi han akitẹ́ẹ̀tì tàbí ẹni tó ń ṣe inú ilé, kó ya tirẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, kápẹ́ńtà á wá fi ìyẹn ṣiṣẹ́.